Ohùn Bàbá Lábẹ́ Orin Ẹlòmíràn

Dáréktọ̀ la máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ kò sí fíìmù kan tó darí rí láyé rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń rìn bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà gan-an ń fi í pè é, ó sì ń dáhùn láìtijú.

Fídíò ìpolówó ló ń ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké: ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń tọ́jú eyín. Yàrá kan ló gbà lókè ṣọ́ọ̀bù onírun, tí òórùn ìpara irun máa ń gba ojú fèrèsé bá a ṣiṣẹ́. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àti kọ̀ǹpútà kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè, àti àga méjì. Bàbá wa ló kan ọ̀kan nínú àga náà. Káfíńtà ni Bàbá.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe fídíò rẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá dúró láàárín èérún igi, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga kan, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Àga tí mo bá kàn, ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó ti tó?" Ẹ̀gbọ́n mi ò gé ibẹ̀ yẹn kúrò. Ó wá tẹ́ orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, orin olórin ńlá kan tí Bàbá máa ń kọ tó bá ń fá igi. Ó po ohùn Bàbá àti orin pọ̀ mọ́ra wọn bí iyọ̀ àti omi, ó gbé e sórí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kún, ó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Ó ní kí ló tún ń ṣe nílẹ̀, ṣebí ó ti wà lókè, níbi tí eku ò lè dé.

Bàbá kú. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ti wẹ̀ tán láràárọ̀, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbé fóònù sórí itan, á tẹ fídíò náà. Bàbá á béèrè pé, "Ṣé ó ti tó?" Màmá á dá a lóhùn pé, "Kò tíì tó o, jàre." Ìgbà yẹn ló tó máa wọ aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ní ti ẹ̀, gbogbo fídíò tó bá ṣe, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí pé: *Èmi kọ́ ni mo ni orin yìí o.* Ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní agbára.

Mo bi í pé, "Dáréktọ̀, tí mo bá ká ọsàn nínú ọgbà onílé tó wà lẹ́yìn wa, ṣé kí n kọ ọ́ sára èèpo rẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ni ín?"

"Ìwọ, lọ fọ abọ́. Kí lo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí?"

Ìgbà kan, ìwé kékeré kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìkànnì tí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà pé wọ́n ti dá orin inú fídíò Bàbá mọ̀. Ẹni tó ni orin ní kí ó ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ òun ni yóò máa gba owó ìpolówó tó bá jáde lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. "Ẹ wò ó, wọ́n ti gbà!" Wọn ò gbà rárá. Ẹni tó bá ọ nínú oko rẹ̀ tí kò lé ọ, kò tíì fún ọ ní oko. Àmọ́ ta ni mo máa sọ fún? Abọ́ ni mo lọ fọ̀.

Ìyá Búrẹ́dì ni wàhálà kọ́kọ́ bá gun àtẹ̀gùn wa. Ó mí, ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ní, "Dáréktọ̀, wọ́n ní mo jí A, B, D."

"Ẹ jí kí ni, Mà?"

"A, B, D! Lẹ́tà tó o fi kọ orúkọ mi sínú fídíò, tó rí wérewère yẹn. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun lòun ṣe é. Ìgbà wo ni A di ti ẹnì kan?"

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi ti ń yí padà. Nígbà tó gba fọ́ǹtì yẹn, ìrísí lẹ́tà náà, lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé kan bá a wá tí kò ṣí rí. A jọ ṣí i. Ìlà kejì ibẹ̀ ló ti wà pé ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe nǹkan ti ara rẹ̀ nínú ilé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ ra àṣẹ. Ó wá fọ́ǹtì mìíràn tí wọ́n yọ̀ǹda fún òwò, ó tún orúkọ Ìyá Búrẹ́dì kọ. Ìyá Búrẹ́dì ní ti tẹ́lẹ̀ lẹ́wà jù ú lọ. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń ráhùn.

Ìyẹn ò tíì tutù tí ti àwọn olùtọ́jú eyín fi dé. Àwòrán ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló wà nínú fídíò wọn, eyín funfun bí òwú. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rò pé ohun tí gbogbo ayé bá ti rí ti gbogbo ayé ni. Ẹni tó ya àwòrán náà fẹjọ́ sùn, àwọn oníkànnì yọ fídíò náà, wọ́n sì fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìkìlọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, orin ijó tó wà nínú ti ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ìkìlọ̀ kejì.

Lọ́yà tó ní ọ́fíìsì ní òdìkejì títì, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe fídíò fún rí, ló wá jókòó tì wá.

"Dáréktọ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ìkìlọ̀ bá pé mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ló máa lọ. Kì í ṣe fídíò kan o. Gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì pa fídíò rẹ́ báyìí, ìkìlọ̀ tó ti wà lọ́rùn yín ò ní torí ẹ̀ kúrò."

"Ṣebí mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ni ín."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jẹ́wọ́ nìyẹn! Ẹnu yín lẹ fi kó bá ara yín."

Ó ṣàlàyé fún wa pé orin kan lè ní ju olówó kan lọ: ẹni tó kọ ọ́, àti ẹni tó gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Tèèyàn bá fẹ́ fi í sábẹ́ fídíò, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kí ó kéré níṣẹ́jú ò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Mi ò lè parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó yí padà. Ó ń ra orin níbi tí wọ́n ti ń tà á fún oníṣòwò. Ó ń ka àdéhùn ibẹ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ìfẹ́: ṣé oníbàárà rẹ̀ lè lò ó? Ṣé ó dé orí tẹlifíṣọ̀n àbí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan? Tí òun ò bá san owó oṣù mọ́ ńkọ́? Àwòrán, òun fúnra rẹ̀ ló ń yà á, á sì ní kí ẹni tó yà fọwọ́ síwèé. Ó ya ọwọ́ mi pẹ̀lú búrẹ́dì fún Ìyá Búrẹ́dì, ó sì ní kí n fọwọ́ síwèé. Ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé!

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn fídíò àtijọ́ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ orin tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ní, "Ti Bàbá ńkọ́?"

"Ti àwọn oníbàárà ló yẹ kó ṣáájú. Àti pé ta ló máa bá mi jà nítorí ìyẹn? Bàbá mi ni, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni, èmi ni mo yà á."

Lọ́yà ní, "Bàbá yín ni lóòótọ́. Orin náà kọ́. Ẹ tètè gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi èyí tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì pamọ́ kúrò lójú ayé."

"Mo máa ṣe é gbẹ̀yìn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Orin àti ohùn ti wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ orin á ha ohùn Bàbá dànù mọ́ ọn. Kò fẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí wọ́n ta orin náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Olówó tuntun ò fẹ́ owó ìpolówó, ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tí kò gbàṣẹ kó orin òun sílẹ̀. Ìkìlọ̀ kẹta dé ní ọ̀sán gangan, ẹ̀gbọ́n mi ń mu omi lọ́wọ́. Kò mu omi náà tán. Ó tẹ ṣánẹ́ẹ̀lì, ojú ẹ̀rọ dúdú kan tí kò sí fídíò kankan níbẹ̀ ló ń wò ó. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó ti tún ṣe àti èyí tí kò tíì tún ṣe, ló lọ. Fídíò tí wọ́n bá sì ti torí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn yọ, ẹni tó gbé e síbẹ̀ gan-an ò lè gbà á padà.

Ó ní òun máa ta kò wọ́n. Lọ́yà wo ìwé tó fẹ́ fọwọ́ sí, ó ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ búra pé àṣìṣe ni yíyọ tí wọ́n yọ ọ́. Ṣé àṣìṣe ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò sílẹ̀. Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí olówó orin náà dípò rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún un ò burú: wọ́n bá a kẹ́dùn ikú bàbá rẹ̀, wọ́n ní ó lè bá àwọn sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ ra àṣẹ, àmọ́ fídíò náà ò sí lọ́wọ́ àwọn. Àṣẹ fún kí ni? Kò sí ohun tó fẹ́ fi àṣẹ náà lé lórí mọ́. Háàdì dísíìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, tó gbé fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé kó bá òun wá fídíò tí òun pa rẹ́, padà wá lófìfo.

Nílé, Màmá ti ń na fóònù rẹ̀ ní àbàrá. "Ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè. Ó gbé ọkọ mi mì."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ ṣàlàyé. Màmá gbọ́ ọ dópin, ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹni tó ni orin yẹn mọ̀ pé ọkọ mi wà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n mọ̀, Mà."

"Kí wọ́n mú orin wọn, kí wọ́n fún mi ní tèmi."



Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo máa ń sín èèyàn jẹ. Mo lè sín Ìyá Búrẹ́dì jẹ títí ẹ ó fi máa gbóòórùn ìwúkàrà. Ẹ̀gbọ́n mi fojú bẹ̀ mí. Mo dìde, mo fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga, mo ní, "Àga tí mo bá kàn…"

"Ó kọ́kọ́ wúkọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo wúkọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi "Ṣé ó ti tó?" Màmá yí ojú sí ògiri.

"Ó ti tó," ló wí. "Jókòó, ọmọ mi."

Màmá ṣì ń tẹ fóònù náà tó bá wẹ̀ tán. Ojú dúdú yẹn á jáde, á gbé e sílẹ̀, á wọ aṣọ. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì tuntun? Rárá, wọn ò gbà á láàyè láti ṣí òmíràn. Ọwọ́ àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ lé báyìí, àwọn díẹ̀ tó kù. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn, ó ń fi imú kọ orin yẹn, orin ìfági Bàbá. Mo fẹ́ rọra yọ́ wọlé kí n dẹ́rù bà á bí mo ṣe máa ń ṣe.

Pákó àtẹ̀gùn dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Orin náà dúró lójijì, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ló ń bọ̀ lókè.