Ohun tí Ejẹ́ńtì Mi Kò Lè Dá Ṣe

Nígbà tí mo parí ilé mi àkọ́kọ́ ní Lotto, ní Mowe, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún obìnrin ejẹ́ńtì kan, mo ní kó máa ṣe é bó bá ṣe fẹ́. Ó dá a padà sórí tábìlì.

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Mà. Màá wá ayálégbé, màá wádìí iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ti ń bọ̀. Kọmíṣọ́ọ̀nù mi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ọdún àkọ́kọ́. Ayálégbé ló máa san án. Ṣùgbọ́n mi ò lè dín owó ilé kù, mi ò sì lè lé ẹnikẹ́ni jáde. Ọwọ́ yín làṣẹ yẹn wà.”

Mo rò pé ó ń sá fún iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó pè mí. Opó kan tó ń ránṣọ fẹ́ gba ilé náà, ó sì fẹ́ gbé máṣíìnì rẹ̀ sí fàráńdà.

“Mi ò tíì dá a lóhùn o, Mà. Ẹ̀yin lẹ nilé.”

Mo lọ bá opó náà fúnra mi. A jọ fẹnu kò pé kò ní ránṣọ lálẹ́. Ejẹ́ńtì kọ ọ́ sínú àdéhùn wa, àwa méjèèjì sì buwọ́ lù ú. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ lára pé mo ti di lánlédì.