Máìlì Bàbá Mi

Ní ilé wa ní Koko, àdúgbò kan ní ìlú Bouaké, kò sí ohun tó ń jẹ́ kìlómítà. Máìlì ni gbogbo ọ̀nà. Láti Bouaké dé Djébonoua, máìlì ni. Láti Bouaké dé Sakassou, níbi tí bàbá mi ti máa ń pàtẹ aṣọ lọ́jọ́ ọjà, máìlì náà ni. Wọ́n kọ́ wa ní kìlómítà ní ilé ìwé, a gbà á, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà là ń fi í sí pẹ̀lú bàtà wa ká tó wọlé. Ghana ni bàbá mi ti kọ́ mọ́tò, lábẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù wọn máa lọ. Ilé àti ìsọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Máìlì nìkan ni bàbá mi rí kó wá.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan, aláwọ̀ eérú, ẹlẹ́yìn gígùn, tí a lè ká àga ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹrù lè gba ibẹ̀. Tókúnbọ̀ ni nígbà tó rà á, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní France-au-revoir. Bí a bá ń bọ̀ láti Djébonoua, orí iṣu làwa ọmọ máa ń jókòó sí lẹ́yìn, erùpẹ̀ á bo wá lára, ìyá mi á sì máa bú bàbá mi láti iwájú pé ọmọ lòun bí, òun ò bí iṣu. Òórùn iṣu tútù àti aṣọ tuntun kò kúrò nínú ọkọ̀ yẹn rí. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀, bàbá mi ló máa ń mú dání lọ wò ó. Kì í kọ́kọ́ wo kọ̀ǹtọ̀ tó ń ka ìrìn ọkọ̀. Á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, á ní ká padà wá lọ́la, torí ọlọ́kọ̀ ti tanná sí i ṣáájú kí a má baà gbọ́ bó ṣe ń jí ní tútù. Á wo rọ́bà orí búrẹ́èkì. Bí rọ́bà bá ti pá, tí kọ̀ǹtọ̀ sì ń pariwo pé ọkọ̀ ò tíì rìn, á rẹ́rìn-ín, a ó sì máa lọ sílé. Á fi ìka gbá ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ibi tó ti tẹ̀ rí tí wọ́n fi pọ́tì dí. Lẹ́yìn náà ni yóò tó pín ìrìn ọkọ̀ náà sí iye ọdún rẹ̀, kó mọ̀ bóyá wọ́n lò ó jẹ́jẹ́ tàbí wọ́n lò ó nílòkulò. Èyí tó máa ń béèrè gbẹ̀yìn ni pé: ta ló ń wá irú rẹ̀ níbí?

Nígbà tó yá, awọ funfun bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ wà lójúde, kò rí i wà mọ́. Dókítà ní wọ́n lè ṣí i, ṣùgbọ́n owó ojú kan, pẹ̀lú ìrìnàjò àti oògùn, á tó ìdajì mílíọ̀nù fáráǹkì. A ní láti ta ọkọ̀. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ní ìgboro ò fẹ́ ẹ, nítorí ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo ni àwọn onítakisí ń wá. Ni wọ́n bá júwe alágbàtà kan fún wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Ó ń bá obìnrin oníṣu kan ní Djébonoua wá ọkọ̀.

Orí fóònù ni òun àti bàbá mi ti sọ ọ́. Bàbá mi ka ohun gbogbo fún un: ogún ọdún ni ọkọ̀ náà, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní visite ò tíì kọjá, ẹnikẹ́ni ò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, ó sì ku díẹ̀ kí ìrìn rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba máìlì. Ọmọkùnrin náà ní òun á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fáráǹkì. Ojú kan péré nìyẹn.

Bàbá mi gbà. Ó ní bóyá ọjà ti yí padà láti ìgbà tí òun ò ti jáde mọ́. Ó ní ojú kan tó òun í fi rí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí alágbàtà náà kówó dé, mi ò tiẹ̀ fún un lómi. Mo bi í bó ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó ti rìn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní pẹ́ béèrè àtúnṣe. Owó àtúnṣe yẹn ni mo yọ kúrò.”

“Níbo lo ti rí ọ̀ọ́dúnrún?”

“Bàbá ló ní máìlì. Àwọn tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà tí à ń tà nílé, máìlì ni wọ́n ń kà. Mo sọ ọ́ di kìlómítà ni.”

Mo wo bàbá mi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bojú. Mo fa ọmọkùnrin náà lọ sídìí ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ka iye tó wà níbẹ̀, ó rí lẹ́tà kékeré méjì, “km”, tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà. Ó padà sọ́dọ̀ bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iye lé e fúnra yín, bí ẹni pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni.”

Mo ń fọwọ́ tọ́ bàbá mi ní ìhà kó dá iye tó ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa lé e. Ó ní kí n mú òun dé ìdí ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ó ní kí n tanná sí i, ó gbọ́ ọ títí. Ó wá gbá ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó sì sọ fún alágbàtà náà pé pọ́tì wà níbẹ̀, pé ọmọlanke ló kọlu ibẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ pariwo. Ó ní amọ́tísọ̀ iwájú, ìyẹn ṣọ́ọ̀kù, ti rẹ̀, taya méjì ń fẹ́ pípààrọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ìrìn ọdún kan rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, pé wọ́n lò ó jẹ́jẹ́, àti pé ẹ̀yìn gígùn tí wọn ò fẹ́ ní Bouaké gan-an ni wọ́n ń wá ní Djébonoua nígbà iṣu. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló dá lé e.

Obìnrin oníṣu gbà lórí fóònù láì yọ nǹkan kan. Ó ní ẹni tó lè sọ̀rọ̀ pọ́tì fúnra rẹ̀ kò ní parọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo fi èrè aṣọ tí mo ń tà dí ìyókù, wọ́n sì ṣí ojú méjèèjì.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, mo mú bàbá mi wọkọ̀ lọ sí Djébonoua. A bá ọkọ̀ náà lẹ́bàá ọ̀nà, iṣu kún un dé òrùlé. Bàbá mi tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì ka kọ̀ǹtọ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba.

Ó fọwọ́ pa rọ́bà búrẹ́èkì, ó kúnlẹ̀ wo taya tuntun méjèèjì, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára mi. Ó ní mo ti jọ ìyá mi.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé máìlì mélòó ló kù ká délé. Mo ní máìlì díẹ̀ ni.