Àtẹ Èsì Kíláàsì Madamu

Iṣẹ́ títẹ ìwé ni mo ń ṣe ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Attiégou. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìka mi yá lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kò yá mi lẹ́nu. Síbẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò, tí a ń pè ní Mùsíọ̀, kì í jẹ́ kí n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde àfi tí mo bá kọ́kọ́ kà á sókè fún un.

Lọ́jọ́ yẹn, ó fẹ̀yìn ti àga, ó dijú bí ẹni ń gbọ́ orin. Àtẹ èsì ìdánwò àṣewò ni mò ń kà. Madamu tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìjọba ní ìṣirò wọlé wá ṣe fọ́tòkópì.

"Léṣìí, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló yege. Lọ́dún yìí, ọgọ́ta. Ìmọ̀ràn: kí a gba kíláàsì náà lọ́wọ́..."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀ níbi orúkọ Madamu.

"Ṣé ẹ̀fọn ló ń kàwé ni?" Madamu yí wá sẹ́yìn mi, ó kà á fúnra rẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n, Mùsíọ̀! Ẹ fẹ́ lé mi padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké?"

"Àtẹ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Ẹ jẹ́ ká bi àtẹ léèrè. Ọmọ mélòó lẹ fi pín tọdún yìí?"

"Ogójì, gbogbo orúkọ inú kíláàsì."

"Tèṣí ńkọ́?"

Ọ̀gá ṣí ìròyìn èṣí. "Ọgbọ̀n. Àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò."

"Bẹ́ẹ̀ sì rèé, márùndínlógójì ni orúkọ inú kíláàsì léṣìí. Méjìlélọ́gbọ̀n ló jókòó lọ́dún yìí, mẹ́rìnlélógún yege. Ẹ pín in bí ẹ ṣe pín tèṣí."

Ọ̀gá tẹ fóònù rẹ̀, ó tún un tẹ̀. "Márùndínlọ́gọ́rin."

"Ó gòkè ni! Tí ẹ bá sì fẹ́ fi gbogbo orúkọ pín méjèèjì, ọgọ́ta, ọgọ́ta ni. Kò sí èyí tó wálẹ̀."

"Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jọ tí kò wá ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló yẹ kí a kọ ìmọ̀ràn lé lórí. Níbo ni wọ́n lọ?"

"Wọ́n lọ sí Kpogan," ni Madamu wí. "Ta ló kó wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò?"

Ọ̀gá yìí kan náà ni kóòṣì bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mo yára fọwọ́ bo ẹnu.

"A gba ife wá ṣáà," ni ọ̀gá ń kùn.

"Ṣé ife ló máa ṣe ìdánwò ìjọba?"

Ọ̀gá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Kọ ọ́: kí Madamu máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ. Kí àwọn mẹ́jọ náà ṣe ìdánwò mìíràn. Kí a má fi ìdíje sí ọjọ́ ìdánwò mọ́."

"Kí kóòṣì má fi ìdíje sí i," ni Madamu tún un ṣe.

"Má kọ kóòṣì."

"Kọ kóòṣì, ọmọ mi."

Mo wo ọ̀gá, mo wo Madamu. Mo kọ kóòṣì. Madamu kó fọ́tòkópì rẹ̀, ó gba kíláàsì rẹ̀ lọ.