Etí Tó Bá Tíṣà Wọ Ilé Ìdáná

Àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Láti kékeré ló ti ń kọ́ àwọn ọmọlangidi rẹ̀ ní ìṣirò, tí á tún máa bá wọn wí pé wọn ò fetí sílẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́ ìṣirò lóòótọ́. Kíláàsì rẹ̀ ló máa ń pariwo jù níléèwé: àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń yege. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà kan gbé àga sẹ́yìn kíláàsì pé òun fẹ́ wo bó ṣe ń kọ́ni. Kíá, Tíṣà á gan bí igi. Ohùn á yí padà, ẹ̀rín á sì pòórá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú gan-an, torí mo mọ ohun tí ọmọ yìí lè ṣe.

Iléèwé tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Ó wáṣẹ́ lọ síbi méjì, wọ́n ní kó wá kọ́ni kí àwọn wò ó, ó gan níwájú wọn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ibi kẹta ló wá wù ú jù: iléèwé kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórí kọ̀ǹpútà, tí tíṣà ò ní kúrò nílé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá wa ń gbé, orúnkún wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́. Bó bá ríṣẹ́ yìí, á lè dúró ti Màmá. Bí kò bá rí i, àfi kó wáṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, kí Màmá sì kó wá sọ́dọ̀ èmi tí mi ò mọ omi í sè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, ó pè mí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà mí o! Kọ̀ǹpútà mi ti yadi. Wọ́n á rí mi, èmi náà á gbọ́ wọn, àmọ́ wọn ò ní gbọ́ ohùn mi."

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe, mo gbé báàgì mi, ó di ilé rẹ̀. Mo yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Kámẹ́rà rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn nínú rẹ̀ ti kú pátápátá.

"Jókòó," ni mo wí. "Fóònù rẹ ló máa bá wa ṣe é."

"Ṣé kí n fi fóònù náà wọlé sípàdé ni?"

"Rárá o. Bó o bá fi méjèèjì wọlé, ohùn á máa padà wọnú ara wọn, á máa hu síni létí. Kọ̀ǹpútà nìkan ló máa wọlé. Fóònù á kàn máa ṣe etí fún un ni."

Mo fi áàpù kan sórí fóònù rẹ̀, mo fi ìkejì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ kí méjèèjì wà lórí Wáìfáì ilé kan náà. Mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ń yan máìkì nínú ìpàdé, mo yan fóònù dípò ti kọ̀ǹpútà. Mo dí ọ̀nà ìpè, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é láàárín iṣẹ́. Mo ki íápíìsì bọ ara kọ̀ǹpútà kí ohùn àwọn tó wà nípàdé má baà tún wọnú fóònù. Bó ṣe ní "ẹ káàárọ̀", ìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan fò sókè lójú kọ̀ǹpútà. Inú wa dùn. Mo fi fóònù náà sórí tábìlì, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Àwọn méjì ló jókòó dè é lójú kọ̀ǹpútà: obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá, àti bàbá kan tó wọ awò ojú, tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní kó kọ́ àwọn bí ìdá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo dúró sí tí mò ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ó gan! Ó ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìkìlọ̀ ara ìgò oògùn. Nígbà tó parí, ọ̀gá náà ní kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kó má kúrò nínú ìpàdé.

Tíṣà yọ íápíìsì sórí tábìlì, ó dìde, ó gba ilé ìdáná lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Màmá pé, "Mo tún ti bà á jẹ́."

"Kí ni wọ́n ní kó o kọ́ wọn?"

"Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin."

"Háà! Ohun tó lé mi níléèwé nìyẹn. Mẹ́ta á ṣe wá ju mẹ́rin lọ?"

"Ẹ gbé búrẹ́dì méjì yẹn wá. Èmi, ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá la fẹ́ jẹ ọ̀kan. Ẹ gé e. Ṣé tiyín tó yín?"

"Ó tó mi dáadáa."

"Ẹ gbé e sílẹ̀. Ó di ìkejì. Ká tó gé e, bàbá aláwò-ojú inú kọ̀ǹpútà yẹn kanlẹ̀kùn. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n yá ẹ̀wù rẹ̀ tí wọn ò dá a padà, ebi sì ń pa á. Ẹ gé e fún àwa mẹ́rin."

Ẹ̀rín ti ń pa mí. Àfi bí mo ṣe bojú wo kọ̀ǹpútà, tí mo rí ìlà aláwọ̀ ewé náà tó ń fò sókè sódò. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Mo wo tábìlì. Wáyà ṣájà nìkan ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí gbígbé fóònù ti mọ́ lára ti gbé e lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e. Etí àwọn aláṣẹ ló fi sápò lọ sí ilé ìdáná!

Mo sáré dé iwájú kámẹ́rà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!" Òfo ni. Máìkì ò sí lọ́dọ̀ mi, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Mo na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn. Bàbá aláwò-ojú bá gbé ìka sókè, ó ń mì í sí mi pé rárá. Ọ̀gá ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ká ọwọ́ mi kò.

Nílé ìdáná, Màmá figbe ta. "Tèmi ti dín kù!"

"Kí ló dín in kù?"

"Bàbá aláwò-ojú! Ẹnu ti pọ̀ sí i!"

"Ẹ ṣeun, Màmá mi! Bí ẹnu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín á máa kéré sí i. Èwo ló wá tóbi jù?"

"Ti ẹni mẹ́ta! Ṣé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ nà mí nígbà náà lọ́hùn-ún nìyí?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Omi bọ́ lójú èmi náà. Tíṣà wa nìyẹn, òun gan-an.

Nígbà tó padà wọlé tó rí ojú mi, tó tún fọwọ́ kan fóònù nínú àpò ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ki íápíìsì bọ etí bí ẹni tó ń lọ gba ìdájọ́. Mo gba ẹyọ kan kí n lè gbọ́.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ni ọ̀gá wí. "Ìwé lẹ ń kà fún wa tẹ́lẹ̀. Inú ilé ìdáná la ti wá gbọ́ tíṣà. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Bàbá náà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Èmi ò bínú o," ló wí. "Àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tèmi dà?"

Màmá ti tiro dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ ohun tí bàbá náà béèrè fún wọn, wọ́n gbé búrẹ́dì sún mọ́ kámẹ́rà, wọ́n ní kó na ọwọ́ wá gbà á. Ìgbà yẹn ni bàbá náà wá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun.

Tíṣà ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ báyìí. Àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ni fóònù máa ń wà bó bá ń kọ́ni, á máa rìn káàkiri yàrá, Màmá á sì jókòó ti kọ̀ǹpútà bí ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Mo ra máìkì gidi wá fún un, ó ní kí n gbé e padà, òun ò fẹ́ èyí tí kò lè bá òun dé ilé ìdáná. Mi ò janpata. Mi ò ì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń se omi, kò sì sí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.