Ojú Ìwé Tó Ṣáájú

Òkúta náà ba olùkọ́ ìtàn lókè ojú ọ̀tún ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo mọ àkókò náà nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ní ilé-ìwé náà, ní Makepe nílùú Douala, ni kí n jókòó sí ọ́fíìsì kékeré tó kọjú sí àgbàlá, kí n sì máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ńlá kan: ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó jáde, ohun tó bàjẹ́, pẹ̀lú aago rẹ̀. Mi ò kì í kọ èrò mi sí i.

Mo rí olùkọ́ náà tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tú jáde. Ẹnì kan nínú wọn ní, “Òun ni,” ó sì nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó dá dúró nídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé kóńdó sókè, ọmọ náà sì fi apá ọ̀tún gbà á. Mo gbọ́ ìró egungun náà láti ibi tí mo wà. Ó ṣubú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yí i ká, wọ́n ń fi bàtà gbá a ní ìhà. Mo sáré jáde, mo sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Wọ́n ta mí ní ìpá mẹ́ta kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n ń ta.

“Mo parọ́ fún màmá mi,” ọmọ náà sọ lábẹ́ mi, ní èdè Faransé. “Mo ní mo mọ ìtàn dáadáa.”

Olùkọ́ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àròkọ ìtàn rẹ̀ padà fún un: mẹ́rin nínú ogún. Ọmọ náà ju ìwé náà sílẹ̀, ó ṣépè, ó sì jáde ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Èmi ni mo ṣa ìwé náà nílẹ̀ nígbà tí mo lọ ti kíláàsì. Mo fi sínú ìwé ńlá mi.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ ìbáwí ní ọjọ́ kẹta. Bí wọ́n bá lé e, kò ní lè ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún yẹn, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé òun ò ní san owó ilé-ìwé mìíràn. Ọmọ Yorùbá ni bàbá náà, ó ń ta bàtà ní ọjà ńlá Marché Central. Douala ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n tó pè wá wọlé, bàbá gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì, orí rẹ̀ sì lọ gbá ògiri. Apá rẹ̀ tó ṣẹ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dì, ò jẹ́ kó lè bo ojú.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá,” mo ní.

“Ẹ má bẹ̀ mí, àǹtí. Ṣé ẹ mọ iye bàtà tí mo tà kó tó dé kíláàsì yẹn ni? Olùkọ́ ló lọ fọ́ lójú. Olùkọ́.”

“Papa, mi ò ṣe,” ọmọ náà ní.

“Dákẹ́. Yorùbá tí o gbọ́ ò pọ̀, èyí tí o gbọ́ náà, irọ́ lo fi ń pa.”

A wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sáàárín, ẹ̀ṣọ́ dúró nídìí ilẹ̀kùn. Báńdéèjì wà lókè ojú ọ̀tún olùkọ́ ìtàn, wọ́n ti rán an. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

“Mo dá ìwé rẹ̀ padà. Inú bí i, ó ṣépè fún mi, ó jáde. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn náà, òkúta. Kí lẹ tún ń wá?”

“Madame,” ọ̀gá sọ fún mi, “ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé.”

Mo kà á. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú: akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan jáde ní kíláàsì ìtàn. Aago mẹ́wàá ku mẹ́jọ: òkúta ba olùkọ́ ìtàn. Àwọn ló wà lókè ojú ìwé náà, ọ̀kan lórí èkejì, kò sí nǹkan láàárín wọn. Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi, èmi gan-an gbà pé ọmọ náà ló jù ú.

“Ìwé náà ti sọ ọ́,” ẹ̀ṣọ́ ní.

Mo fẹ́ pa ìwé náà dé. Àròkọ ọmọ náà yọ jáde nínú rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ pé: àwọn Faransé dé, lẹ́yìn náà ni ojú irin dé Yaoundé, nítorí náà, ká ní wọn ò dé, a kì bá ní ojú irin rárá. Olùkọ́ ti fi bírò pupa fa igi sórí “nítorí náà” yẹn. Ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sí etí ìwé, àwọn tó máa ń kọ sí ìwé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí ló ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọ̀nà wo ni ti àkọ́kọ́ gbà fa èkejì? Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, ṣé èkejì ò ní ṣẹlẹ̀? Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé àwọn Jámánì ti ń tẹ́ irin náà bọ̀ láti Douala kí ogun tó lé wọn lọ.

Kí ló ti ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀? Mo ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ka ojú ìwé tó ṣáájú.”

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú: òkúta láti òde fọ́ fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n: àwọn ọlọ́kadà ń jà ní títì, wọ́n fi àṣíborí lu ọ̀kan títí orí rẹ̀ fi là, òkúta ń fò, a ti ẹnubodè. Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ìwé tán, mo sì ṣí tuntun. Ẹ̀jẹ̀ olùkọ́ ló jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ọlọ́kadà.

“Ṣé ẹ ń sọ pé ọmọ yìí kọ́ ló jù ú?” ọ̀gá bi mí.

“Rárá, sà. Mi ò mọ ẹni tó jù ú. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkúta ti ń wọlé kí inú tó bí i.”

Mo gbé àròkọ náà síwájú olùkọ́. Ó wo ìkọ̀wé ara rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀ṣọ́.

“Ìwọ, ṣé o rí i tó gbé òkúta?”

“Ó dúró níbẹ̀, prọ̀f.”

“Níbo?”

“Nídìí ẹ̀rọ omi.”

Olùkọ́ fọwọ́ kan báńdéèjì rẹ̀. “Ọ́fíìsì madame ni mo ń lọ,” ó ní. “Ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ òsì mi. Títì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún.” Ó fa bírò yọ lápò, ó sì fa igi sórí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ẹ̀sùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, bó ṣe fà á sórí ti ọmọ náà. Mi ò nílò kí n wò ó kí n tó mọ ọ̀rọ̀ náà.

Wọn ò lé e. Wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì nílé nítorí èpè tó ṣẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì tún àròkọ náà kọ, pẹ̀lú lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ, ó sì gba mọ́kànlá. Títí di òní, tó bá ń wọlé, ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ló ń gbà kí ẹ̀ṣọ́ náà má bàa sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, ọ̀gá ní kí n dúró lẹ́yìn. Ó ti ka ìwé náà kọjá ibi tí mo kà dé.

“Madame, ìlà kẹta yìí. Ṣé ó pọn dandan?”

Ìlà náà sọ pé: aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje, ẹ̀ṣọ́ fi kóńdó lu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, apá rẹ̀ sì ṣẹ́.

“Èyí, ojú mi ló ṣe,” mo ní. Mo gba ìwé mi, mo sì lọ.