Ẹ̀rọ Tó Gba Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Mosúnmọ́lá fi ìka kan ti gíláàsì ojú rẹ̀ sísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ó tì í títí ó fi dé ṣóńṣó imú, ó dá a dúró síbẹ̀. Ó wá tẹ orí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì ń wo tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri láti òkè gíláàsì náà. Òkè gíláàsì ló fi ń wo ohunkóhun tí kò bá tíì gbà gbọ́. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ní kíníìkì yìí ní ìlú Mesquite lókè òkun, kò sí ẹni tí kò mọ ìwò náà. Sharon, ọ̀gá kíníìkì, mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ó mí kanlẹ̀.

Nọ́ńbà kan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Akin ló gbé e wá láti Addison, ìlú kan tí kò jìnnà. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bàtà rẹ̀ funfun bí ẹni tí kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ AI kan tó ń ka mẹ́sééjì àwọn aláìsàn, tó ń pinnu ẹni tó gbọ́dọ̀ rí dókítà lónìí, ẹni tó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti ẹni tí kò níláti wá rárá. Ó ní ìbéèrè irú èyí tí àwọn dókítà ń ṣe kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ni wọ́n fi dán an wò. Ó ní ọ̀pọ̀ dókítà tó jẹ́ èèyàn kò rí irú màákì bẹ́ẹ̀ gbà.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí fẹ́ ṣe, iṣẹ́ Mosúnmọ́lá ni. Òun ló ń jókòó sórí àga, tó ń kọ́kọ́ ka gbogbo mẹ́sééjì. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ yóò máa kà, yóò sì máa fèsì fúnra rẹ̀, láìsí ojú èèyàn kankan níbẹ̀. Mosúnmọ́lá yóò padà sídìí wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ìdúró. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún láti ọjọ́ yìí. Nítorí náà, nígbà tó ní ẹ̀rù mẹ́sééjì tí èèyàn kankan ò ní kà ń ba òun, gbogbo wọn rò pé àga ló ń jà fún. Kí á má purọ́, àga wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àga nìkan kọ́.

Akin gbé ìbéèrè kan sójú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àyà ń fún un. Apá òsì ń dùn ún. Ó ń làágùn. Ìdáhùn márùn-ún, A títí dé E. Ẹ̀rọ mú èyí tó tọ́ kí Akin tó gbé ọwọ́ kúrò. Sharon pàtẹ́wọ́.

Mosúnmọ́lá ní, “Akin, ó dára gan-an. Ṣé ìwọ gbà pé àwọn aláìsàn wa máa ń to A dé E sísàlẹ̀ mẹ́sééjì wọn?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé wọ́n máa ń kọ ọjọ́ orí wọn síbẹ̀?”

Akin rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá fẹ́ bá òun jà. Sharon bi í bóyá àwọn ìbéèrè yẹn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akin yọ́ ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, òun ò sì lè búra pé ẹ̀rọ náà kò rí wọn rí nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Mosúnmọ́lá ní òun náà ì bá gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lọ́dún tí òun ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ká ní wọ́n fi ìbéèrè han òun ṣáájú.

Ó wá sọ ohun tó fẹ́. Kí wọ́n fi mẹ́sééjì ti kíníìkì fúnra rẹ̀ dán an wò, àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Akin ní màmá á kàn lọ ṣa àwọn tó le jù jáde ni. Ló bá ní òun kò ní ṣa ọ̀kan. Gbogbo mẹ́sééjì ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kejì, bí wọ́n ṣe wọlé. Wọ́n yọ orúkọ kúrò. Mẹ́tàlélógójì.

Ẹ̀rọ gba mẹ́rìndínlógójì.

Akin na apá méjèèjì bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Sharon náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣìṣe méje péré. Mosúnmọ́lá ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ nǹkan lórí ìwé rẹ̀.

“Nínú mẹ́tàlélógójì,” ló wí, “èèyàn márùn-ún péré ni ara wọn kò yá tó ohun tí à ń sáré sí. Àwọn yòókù fẹ́ oògùn, wọ́n fẹ́ lẹ́tà, wọ́n fẹ́ bá wa ṣeré. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún náà, ẹ̀rọ yín ní kí wọ́n jókòó sílé.”

Ẹ̀rín Sharon dúró.

Wọ́n ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ló kọ àkọ́kọ́ láti orí ojú ewé tirẹ̀ ní ìkànnì kíníìkì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń sọ. Baálé rẹ̀ kò tíì tọ̀ láti àná. Ẹ̀rọ wo ọjọ́ orí ìyàwó, ó wo oògùn ìyàwó, ó ní kí ìyàwó máa mu omi dáadáa. Akin fi ọwọ́ bojú. Èkejì kúrú: “Ó ti dà bí èyí tẹ́ ẹ ní kí n máa ṣọ́.” Kí ni wọ́n ní kó máa ṣọ́? Orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́. Èèyàn á bèèrè. Ẹ̀rọ kò bèèrè, ó kàn mú ìdáhùn pé kó jókòó sílé, torí kò sí ibì kankan nínú ìdánwò rẹ̀ tí ìdáhùn ti jẹ́ pé kí a kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀kẹta ti Bàbá Adéjùmọ̀ ni, bàbá àgbà kan tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti Ọ̀yọ́. Mosúnmọ́lá kà á sókè. Bàbá kí nọ́ọ̀sì. Ó kí ọmọ nọ́ọ̀sì. Ó bèèrè bóyá òtútù kò pọ̀ jù. Ó ní ara òun le bí òkúta, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ìlà mọ́kànlá. Ní ìlà kejìlá: “Kìkì pé láti àná, tí mo bá gun àtẹ̀gùn, mi ò rí èémí mí. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà.”

Èsì ẹ̀rọ: ara aláìsàn le, ó ń dúpẹ́ ìtọ́jú. Kò níláti wá.

“Ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní ọsibítù,” ni Mosúnmọ́lá wí. “Ìlà tó bá ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.”

Akin tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mẹ́sééjì kan náà. Ẹ̀rọ ní kí bàbá wá lónìí. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ ní kó jókòó sílé. Akin gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fọwọ́ kan àdògán.

“Bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn,” ló wí. “Nígbà tí wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la kọ́kọ́ fi ogún ìṣẹ́jú sọ.”

“Ṣé bàbá rẹ wà nínú ìdánwò yẹn?” ni Mosúnmọ́lá bi í.

“Kò sí níbẹ̀, mà.”

Sharon dìde. Ó ní kí Akin máa bá òun bọ̀ ní ọ́fíìsì, kó mú ìwé àdéhùn dání.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní kíníìkì. Ó ń kọ èsì sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ń ka mẹ́sééjì àti èsì kí èsì náà tó lọ. Ní oṣooṣù, wọ́n ń fi mẹ́sééjì ọ̀sẹ̀ kan dán an wò, iye tó gbà nínú àwọn tí ara wọn kò yá gan-an ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ kà.