Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Mo Pa Rẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Kẹta ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje. Àkókò yẹn dá mi lójú, nítorí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí tí áàpù báǹkì gbé jáde lẹ́yìn tí mo ti ṣe ohun tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkìrun, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ilé-ìwé kan. Ó na fóònù sí mi láì gbójú sókè.

"Gírájúéètì, gbà. Bá mi pa ti àwọn tó ń kọ́ wa ní páátánì yẹn rẹ́. Ọjà ò yá."

Ilé-iṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ. Fídíò bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ń gba owó lóṣooṣù. Mo bi í pé èló ni.

"Nígbà mìíràn, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà. Nígbà mìíràn, ó fẹ́ẹ̀ tó mẹ́wàá. Bó bá ṣe wù wọ́n ni."

Mo wá inú áàpù náà títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ standing order sí, àwọn owó tí báǹkì ń bá èèyàn san lóṣooṣù. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ní ọjọ́ kìíní oṣooṣù, sí àkáǹtì obìnrin kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo rò ó wò. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké sábà máa ń lo àkáǹtì ẹni tó ni wọ́n. Iye náà sì sún mọ́ ohun tó sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí nìkan ló wà níbí o. Ṣé kí n pa á?"

"Ṣé mo ní kí o máa wò ó ni? Pa á, jàre."

Mo pa á. Áàpù náà kò bèèrè ju nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi náà mọ̀ pé ó ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó máa ń sọ ni pé "báǹkì ló ń bá mi san án", n kò sì bi í rí pé báwo. Ní ìlú wa, owó ọdún kan gbáko ni onílé máa ń gbà kó tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì sí Òkukù, gbà fún un kó máa san án lóṣooṣù nítorí pé ó kọ́ ọ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n wọ́n tọwọ́ bọ ìwé: bí oṣù méjì bá tẹ̀lé ara wọn láìsan, ṣọ́ọ̀bù di ti ẹni tó bá kó owó ọdún wá.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, alẹ́ẹ̀tì wọlé pé owó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́.

"Ó ti lọ! Lanlọ́ọ̀dù ti rí tiẹ̀ gbà."

Kò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Èmi náà kò kà á. Ní oṣù Karùn-ún, òmíràn wọlé, ó tún dúpẹ́. Ìyókù owó tó rí lọ́wọ́ ló fi ra òwú àti síìpù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún yẹn, ọkùnrin kan wọlé, ó mú téèpù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún ni?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀kùn irin ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, mà. Fóònù ni mò ń tà." Ó fún un ní lẹ́tà kan láti Òkukù. Bàbá ti gba owó ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi kó jáde kí oṣù tó parí.

A kọ́kọ́ lọ sí báǹkì. Obìnrin tó wà nídìí káńtà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì wò mí.

"Standing order lẹ pa. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ rẹ̀ fún wa: iye kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹnì kan náà. Ẹ̀yin náà lẹ lè dá a dúró, a ò ní bi ẹni tó ń gbà á. Direct debit ni ti àwọn oní-páátánì. Ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wá mú owó fúnra wọn, àwọn ló ń sọ iye. Ibòmíràn nìyẹn wà. Kò lè hàn níbi tí ẹ wò. Àwọn ló mú owó tó jáde ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún."

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ohun tí iye rẹ̀ ń yí padà kò lè jẹ́ standing order. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ èyí fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ kí n tó tẹ ohunkóhun.

"Obìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọ Bàbá ni. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Bàbá ò ní àkáǹtì tó ń ṣiṣẹ́."

Ní Òkukù, Bàbá fún wa ní àga, ó sì gbọ́ wa délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi rò pé ẹ kàn pẹ́ ni," ni Bàbá wí. "Mo ní kó lọ bèèrè ní báǹkì. Wọ́n ní irú owó yẹn kì í dúró fúnra rẹ̀ báyìí, àfi kí ẹni tó ń san án dá a dúró. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo dá a dúró. Àṣìṣe ni."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ná nínú owó ọkùnrin yẹn."

A padà sí báǹkì. Standing order tuntun kò wúlò mọ́; ti iwájú ló ń san, kò lè padà san oṣù tó ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó fi ní kí báǹkì fagi lé direct debit náà kí ọjọ́ tí wọ́n máa tún mú owó tó pé. Obìnrin náà ní kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, nítorí báǹkì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò lè bá wa fòpin sí àdéhùn. Mo kọ ọ́. Wọn kò tíì fèsì.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà kọjá, owó kankan kò jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn òbí wa ní Inísà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ó kàn dẹ́kun pípè mí ní gírájúéètì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wà ní òdìkejì títì ní Ìkìrun. Obìnrin kan gbé aṣọ ilé-ìwé sínú ọ̀rá, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn irin tuntun náà, ó ń bèèrè télọ̀. Olùta fóònù ní òun kò mọ ibi tó lọ. Mo sọdá, mo sọ fún un pé Inísà ni.

"Inísà kẹ̀? Ó ti jìnnà jù," ló wí. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ.